Léèsì tó dé kò bá ègé àpẹẹrẹ mu: ṣé mo ṣì lè kọ̀ ọ́?

Ìyá Ìbejì (Lọ́ńdọ̀nù): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Mo ra léèsì 60 tí mo fẹ́ tà fún aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ọlọ́jà kan ní Mánṣẹ́sítà, yáàdì márùn-márùn, pọ́n-ùn 40 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òwú ni wọ́n fi rán òkúta mọ́ ègé àpẹẹrẹ tí ó fi ránṣẹ́ sí mi, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé pé bí gbogbo ọjà náà yóò ṣe rí nìyẹn. Ọjà dé lánàá. Àwọn 22 dára, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ òkúta mọ́ 38 tí ó kù, ó sì ń já bọ́ bí mo ṣe ń tú aṣọ. Mo ti san pọ́n-ùn 1,200 sílẹ̀, ó sì ní kí n san 1,200 tí ó kù kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé. Télọ̀ mi ti gé ẹyọ kan lára àwọn onígọ́ọ̀mù kí n tó yẹ ìyókù wò. Mo tún ti fọwọ́ sí ìwé awakọ̀ pé mo gba ẹrù ní pípé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìgbéyàwó kù. Ẹ gbà mí o.

Bàbá Ṣọlá (Bẹ́mígáàmù): Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Òfin ìlú yìí fún oníbàárà ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tí kò dára padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹ di gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ padà sí i, kí ẹ sì béèrè owó yín.

Màmá Dúpẹ́ (Híústìnnì): Ẹni tí ó gbé ẹrù ni kí ẹ dì mú. Ẹ ya fọ́tò páálí, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ṣe ìdánilójú fún ẹrù náà.

Àǹtí Bísí (Lídíìsì): Màmá Dúpẹ́, ẹrù náà kò bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ó ṣe kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà ni ó ṣe dé, nítorí náà awakọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Ṣọlá, ẹ má bínú, ọjọ́ 30 tí ẹ sọ wà nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015, ẹni tí ó ra ọjà fún ìlò ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ìyá Ìbejì rà á láti tà ni. Òfin Títa Ọjà ti ọdún 1979 ni yóò gbè é, abala 15 rẹ̀ sì sọ pé bí a bá fi àpẹẹrẹ ta ọjà, gbogbo ọjà náà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ mu ní dídára. Òfin yìí kò ka ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí a sọ̀rọ̀ láàárín àkókò tí ó bọ́gbọ́n mu. Fún aṣọ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kù kí wọ́n wọ̀ ọ́, òní ni mo kà sí àkókò náà. Ẹ kò sì nílò láti náwó dá a padà: abala 36 ní kí ẹ sáà jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ kọ̀ ọ́, kí ó wá kó o fúnra rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa títí yóò fi dé.

Táíwò (Mánṣẹ́sítà): Ọ̀rọ̀ àkókò yẹn ni ó bá mi jà. Nígbà tí wọ́n kó ańkárá tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí wá fún mi, mo san owó tí ó kù, mo ń tà á díẹ̀díẹ̀, ó di oṣù kẹrin kí n tó kọ̀wé. Wọ́n ní mo ti gba ọjà. Owó díẹ̀ péré ni mo rí yọ nínú rẹ̀.

Bàbá Ṣọlá: Ó dáa, mo gbọ́ ti ọjọ́ 30. Ṣùgbọ́n ìyá ti fọwọ́ sí i pé ó pé, télọ̀ sì ti gé aṣọ. Ẹni tí ó bá ti gé aṣọ ti gbà á nìyẹn. Kò lè kọ̀ ọ́ mọ́.

Àǹtí Bísí: Ẹ jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìwé awakọ̀ nìkan kò tó láti sọ pé ó ti gba ọjà, nítorí òfin ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àyè yẹ ẹrù wò sí àpẹẹrẹ. Aṣọ tí wọ́n gé ní tirẹ̀, òótọ́ ni, kò ṣeé kọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n yáàdì márùn-ún kọ̀ọ̀kan dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ ọjà, gígé ọ̀kan kò sì kan àwọn yòókù. Abala 35A gba ẹni tí ó ra ọjà láyè láti gba gbogbo èyí tí ó dára, kí ó sì kọ èyí tí kò dára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwọn 22 tí ó dára jẹ́ pọ́n-ùn 880. Bí onígọ́ọ̀mù bá ń lọ ní pọ́n-ùn 22 lọ́jà, iye tí ẹ jẹ lórí ẹyọ tí wọ́n gé nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 902. Ẹ ti san 1,200. Ẹ kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Òun ni ó jẹ yín ní 298. Bí ẹ bá ra 37 mìíràn ní pọ́n-ùn 50 nítorí pé kò sí èyí tí ó dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè béèrè pọ́n-ùn 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 370 nìyẹn. Ẹ pa rìsíìtì mọ́.

Bí ẹ kò bá rí òmíràn rà, ẹ lè gba gbogbo rẹ̀, kí ẹ yọ 18 lórí ẹyọ 38, ìyẹn 684, kí ẹ sì san 516 péré. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ síwájú kí ẹ tó dá owó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ kò ní lè kọ ọjà mọ́ lẹ́yìn èyí.

Táíwò: Ṣé adájọ́ kò ní sọ pé òwú àti gọ́ọ̀mù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀?

Àǹtí Bísí: Ọlọ́jà lè wí bẹ́ẹ̀. Bí àbùkù bá kéré débi pé kò bọ́gbọ́n mu láti torí rẹ̀ kọ ọjà, oníṣòwò yóò gba ẹ̀dínwó nìkan. Òkúta tí ó ń já bọ́ kí wọ́n tó rán aṣọ kò kéré lójú tèmi. Kí ìyá ya fídíò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé àpẹẹrẹ, kí ó má sì jẹ́ kí ègé náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ó wà nínú àpótí mi. Mo ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i báyìí pé mo kọ 37. Ó ní ẹ̀yìn ìwé owó òun sọ pé a kì í dá ọjà padà, àti pé kí n pàdé òun ní kóòtù.

Àǹtí Bísí: Ìgbà wo ni ìwé owó náà dé ọwọ́ yín? Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹrù ni ó wà, lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe àdéhùn, ó ṣòro kí ó di yín mú. Bí ẹ bá ti rí i ṣáájú, a ó máa jiyàn bóyá ó bọ́gbọ́n mu, n kò sì lè búra fún ìyẹn. Ní ti kóòtù, ẹ fún un ní ọjọ́ 14 nínú lẹ́tà. Kóòtù ẹ̀sùn kékeré ń gba ohun tí kò ju pọ́n-ùn 10,000 lọ, láti ọdún 2024 sì ni wọ́n ti ń ní kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ bá onílàjà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìgba owó.

Bàbá Ṣọlá: Ìdí nìyí tí a kì í fi í ra léèsì ní Mánṣẹ́sítà! Ẹ wá sí Bẹ́mígáàmù.

Táíwò: Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gèlè yín lọ́wọ́ wa! Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá.

Màmá Dúpẹ́: Gbàgì ni ọkàn mi ń fà sí. Ìyá mi kì í sanwó níbẹ̀ láìtú aṣọ dé yáàdì tó kẹ́yìn, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni yóò sì bá a dì í mú ní ìkangun kejì.

Bàbá Ṣọlá: Wọ́n á tún fi omi tútù kún un. Àárò ibẹ̀ ń sọ mí.

Kẹ́mi (Pẹ́kámù): Ìyá Ìbejì, àwọ̀ wo ni? Mo ní 15 tí wọ́n fi òwú rán òkúta mọ́, ṣùgbọ́n ẹ mú ègé yín wá kí a tẹ́ méjèèjì síta kí ẹ tó sanwó.