Iṣẹ́ tó parí lórí fóònù, tí kò tíì dé sẹ́fà: kí la ó máa pè é?

Akọ̀wé Kútọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. À ń túmọ̀ àápù kan fún àwọn tó ń wọ ilé kiri gba ìròyìn. Láàárọ̀, wọ́n á kó orúkọ àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ dé sórí fóònù níbí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró. Wọ́n á wá lọ kọ ìdáhùn láwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá, níbi tó ti ń wá tó ń lọ, kí wọ́n tó rán an sí sẹ́fà, kọ̀ǹpútà tó ń gba gbogbo rẹ̀ jọ. “Ready to send”, “Sent” àti “Sync” ló wà lójú àápù. Mo kọ “Ó ti lọ” fún “Sent”, ọ̀gá mi ní kò tó. Kí ni kí n kọ?

Ọmọ Ìbarà: Ìmúṣọ̀kan ni “Sync”, torí ohun kan náà ló máa wà nínú fóònù àti sẹ́fà. “Ó ti lọ” náà dáa. Ohun tó bá ti lọ ti lọ, kí wọ́n pa á rẹ́ kí àyè lè wà lórí fóònù.

Alámòójútó: Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó pa nǹkan rẹ́! Fóònù á gbé fọ́ọ̀mù lọ, sẹ́fà á gbà á, á sì dá èsì padà pé òun ti rí i. Nínú ODK, àápù ìgbaròyìn tí àwa ń lò, nọ́ńbà 201 ni èsì yẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já lálọ, ó sì lè já lábọ̀. Bó bá já lábọ̀, fọ́ọ̀mù ti dé, ṣùgbọ́n fóònù ò mọ̀, á ní kò lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ilé 14 ni wọ́n fún un. Inú ọkọ̀ ló ti rán wọn nígbà tí wọ́n ń wọ Asero. Mẹ́sàn-án lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìkẹwàá ní òun ò lọ. Dípò kó tún un rán, ó ṣí fọ́ọ̀mù tuntun, ó sì da àwọn ìdáhùn náà kọ látinú ìwé rẹ̀. Nígbà tí mo wo sẹ́fà lálẹ́, ilé yẹn wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: baálé kan náà, ọmọ márùn-ún kan náà. instanceID nìkan ló yàtọ̀, ìyẹn àmì gígùn tí fóònù máa ń fún fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Ká ní ti àkọ́kọ́ ló tún rán ni, àmì tí sẹ́fà ti mọ̀ ni ì bá gbé wá, kò sì ní di méjì.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ ti wà nílẹ̀. A rán ọmọ níṣẹ́, ó jẹ́ ẹ, ó padà wá jábọ̀. “Ó ti lọ” kàn ń sọ pé ọmọ ti jáde nílé ni. Èmi á kọ “Ó ṣe tán”, “A ti rán an, kò tíì jábọ̀”, àti “Ó ti jábọ̀”.

Ìyá POS, Panṣẹ́kẹ́: Ó yé mi dáadáa. Báńkì á yọ owó oníbàárà, ẹ̀rọ mi á ní kò lọ. Tí mo bá tún un tẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìjà dé nìyẹn. Ẹ kọ “Má tún un tẹ̀” síbẹ̀.

Alámòójútó: Ìyá, ẹ kú ìfaradà. Tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá tún káàdì fi, ìsanwó tuntun lẹ ṣí, bíi fọ́ọ̀mù tuntun ọmọbìnrin yẹn. Fọ́ọ̀mù tó wà nílẹ̀ kò léwu láti tún rán. “Tún un rán” gan-an ló yẹ kí bọ́tìnnì tiwa sọ.

Olùkọ́ Èdè, Ìjẹùn: Mo fara mọ́ rán àti jábọ̀. Ìmúṣọ̀kan ni mi ò gbà, bí ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú ló ṣe ń dún létí mi. Irọ́ sì ni níbí: orúkọ ilé tuntun ń sọ̀ kalẹ̀ látorí sẹ́fà, ìdáhùn ń gòkè lọ, ìdáhùn ẹlòmíràn kì í wá sórí fóònù rẹ. Ẹ jẹ́ kó di bọ́tìnnì méjì, “Kó iṣẹ́ wá” àti “Rán iṣẹ́ lọ”.

Ọmọ Ìbarà: Wọ́n ní ká túmọ̀ ni, ẹ̀yin ń kọ́ àápù tuntun. Ó dáa, bí ẹnì kan bá wà lábúlé fún ọjọ́ méjì láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ọ̀gá rò pé kò lọ, tó gbé ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí àwọn méjèèjì wá ṣe é ńkọ́? Kí lẹ ó pe ìyẹn?

Alámòójútó: Àmì méjì ni wọn yóò ní, sẹ́fà á gba méjèèjì. Àwa la máa ń jókòó yan ọ̀kan. Èyí tó kọ́kọ́ dé lè má ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. A ń wo àkókò tí fóònù kọ sínú fọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀, aago fóònù mìíràn ti sọnù láti ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Orúkọ rẹ̀? Mi ò tíì rí.

Olùkọ́ Èdè, Ìjẹùn: Ìforígbárí ni wọ́n máa ń kọ. Ó le jù, kò sẹ́ni tó ń jà. Ẹ fún mi láyè.

Akọ̀wé Kútọ̀: Mo ti gbé “A ti rán an, kò tíì jábọ̀” sínú àápù. Lójú fóònù kékeré, “A ti rán an…” nìkan ló hàn, ẹni tó bá kà á á rò pé ó ti parí. Mo yí i padà sí “Kò tíì jábọ̀”. Ti “Sync”, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa o.