Ímeèlì àkọ́kọ́ sí ẹni tí kò mọ̀ mí rí: ṣé kí n dárúkọ owó ni àbí kí n dákẹ́?

Bísí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fídíò ni mò ń gé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi fídíò kọ́ òṣìṣẹ́ wọn níṣẹ́ ni mò ń kọ ímeèlì sí. Owó ni kò yé mi. Ká pe iṣẹ́ mi tó kéré jù ní 100, kí èyí tó tóbi jù jẹ́ 400. Mo kọ 30 tí mo fi "láti 100 lọ sókè" sí. Mẹ́rin fèsì, iṣẹ́ 300 ni mẹ́ta nínú wọn gbé wá, 100 ni wọ́n fẹ́ san. Ọ̀kan tilẹ̀ da ọ̀rọ̀ mi kọ padà sí mi: "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ 100." Mo tún kọ 30 míì láìdárúkọ owó. Márùn-ún fèsì, méjì béèrè iye, mo ní 300, n ò gbúròó wọn mọ́. Ṣé kí n wá máa kọ "100 sí 400" ni?

Dáre: Má fi owó sí ímeèlì àkọ́kọ́ láéláé. Èsì lò ń wá, o ò tíì máa ta nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iye, kò ní rí nǹkan míì mọ́.

Ìyá Tọ́lá: Láéláé kẹ̀? Ó dọwọ́ irú iṣẹ́ o. Àṣìṣe inú ìwé ni mò ń tún ṣe: kò gbọdọ̀ ju ojú-ewé 20 lọ, ọjọ́ mẹ́ta, iye kan ṣoṣo. Nígbà tí mo yọ owó kúrò, èsì pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ "èló ni?" ló kún inú wọn, mo wá di ẹni tó ń fèsì látàárọ̀ dalẹ́ láìríṣẹ́ gbà. Mo dá a padà. Èsì dín kù, àwọn tó kù ló ń sanwó.

Kúnlé: Bí wọ́n bá ní ó wọ́n, ẹ má dín owó. Inú iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti yọ. Èmi máa ń yọ àtúnṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Bísí: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ a ò tíì débi ìdúnàádúrà rárá.

Àǹtí Rónkẹ́: Ẹjọ́ Dáre àti ti Ìyá Tọ́lá kò ta kora. Ìyá Tọ́lá mọ bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó kó tó kọ̀wé. Bísí ò mọ̀. "100 sí 400" kò ní ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò di 100 mú, ẹni tó ń bẹ̀rù owó yóò rí 400, yóò sá. Bí iye òkè bá ju ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀ lọ, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo kó sínú àpò kan. "Láti 100" tiẹ̀ burú jù, torí o ò sọ ohun tí 100 yẹn ń rà.

Kí ló ń sọ iṣẹ́ rẹ di 400? Mo rò pé gígùn ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, àti iye ìgbà tí wọ́n ń ní kó o tún un ṣe. Wo fídíò tí wọ́n ti gbé jáde kó o tó kọ̀wé. Bó bá jọ èyí tó o ti ṣe rí, kọ ìlà kan péré: "Fídíò oníṣẹ́jú 10, láti inú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí kò ju wákàtí kan lọ, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì: 250 ni mo gbà." Bí kò bá jọ ọ́, má dárúkọ owó, béèrè bí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣe gùn tó. Àmọ́ bí wọ́n bá ti béèrè iye, fún wọn ní iye nínú èsì yẹn gan-an.

Mẹ́rin àti márùn-ún nínú 30, má fi ìyẹn pinnu nǹkan kan. Ó lè yí padà lọ́la. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kú ni kó o wò. Kí lo kọ sí àwọn méjì tó sá lọ?

Bísí: "300 ni, ẹ ṣé."

Ìyá Tọ́lá: Háà, Bísí!

Dáre: Èmi ò tíì gbà tán o. Nílé-iṣẹ́ ńlá, ẹni tó ṣí ímeèlì kọ́ ló ń sanwó. Á kàn fi iye yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ò ní ka ìyókù.

Àǹtí Rónkẹ́: Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kéékèèké tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń ka ímeèlì ni mo ní lọ́kàn. Ti àwọn ńlá, n ò lè búra.

Bísí: Mo ti rí 20 tí fídíò wọn ò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ìṣòro kan ló kù: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe irú rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni mo sì ṣe é fún. 120 ni mo gbà.

Ìyá Tọ́lá: Má jẹ́ kí owó ọ̀rẹ́ yẹn jáde síta!

Àǹtí Rónkẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni o ò gbọdọ̀ kọ pé 250 lo gbà. Kọ ohun tí iṣẹ́ náà ní nínú, kó o wá ní "250 ni mò ń gbà fún irú rẹ̀ báyìí."