Fótò tó há fún báńà: báwo lẹ ṣe ń fi kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ojú ìránpọ̀ kì í hàn?

Olóòtú-Báńà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Báńà ọjọ́ ìbí ọdún 70 ló wà nílẹ̀. Fóònù ni wọ́n fi ya màmá náà: wọ́n jókòó sórí àga, ògiri aláwọ̀ mílíìkì wà lẹ́yìn wọn, íńtálọ́kì wà nílẹ̀, igi òdòdó wà lápá ọ̀tún. Ìbú fótò náà jẹ́ píksẹ́lì 4032, òró rẹ̀ jẹ́ 3024. Báńà tí wọ́n fẹ́ jẹ́ fíìtì 8 sí 4. Bí wọ́n bá gé e kó lè bá ìwọ̀n yẹn mu, yálà gèlè lọ tàbí ẹsẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì fi Ctrl+T nà án, ojú màmá á fẹ̀ bí abọ́. Generative Expand, irinṣẹ́ AI tó máa ń fi kún ẹ̀gbẹ́ fótò, ni mo fẹ́ fi ṣe é nínú Photoshop. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é lójoojúmọ́, kí lẹ máa ń ṣọ́?

Alága-Píksẹ́lì
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Fíìtì 8 sí 4 túmọ̀ sí pé ìbú gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì òró. Òró yín jẹ́ 3024, ìbú gbọ́dọ̀ di 6048. 4032 lẹ ní, ó ku 2016.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á pín 2016 yẹn sí méjì, 1008 lọ́tùn-ún, 1008 lósì. Màmá á wá wà láàárín gbùngbùn, ibi tí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sí á há lọ́tùn-ún, á há lósì. Èmi ò ní pín in. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ sápá òsì, níbi tí ògiri lásán wà, kí ẹ má fọwọ́ kan apá òdòdó rárá. Màmá á bọ́ sí ọ̀tún báńà, orúkọ àti déètì á jókòó sórí ògiri tuntun. Ibi tí lẹ́tà bá bò, ta ló máa rí àbùkù rẹ̀?

Ẹ tẹ C kí Crop jáde. Lókè, níbi tí wọ́n kọ Fill sí, ẹ yan Generative Expand. Ẹ di etí òsì mú, ẹ fà á síta níwọ̀n 1008, kì í ṣe 2016 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi àpótí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ tẹ Generate. Mẹ́ta ló máa gbé wá, ẹ máa rí wọn nínú Properties. Ẹ má wo èyí tó rẹwà jù. Èyí tí ìlà íńtálọ́kì rẹ̀ bá ti fótò àtijọ́ lọ láìyẹ̀ ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fa 1008 tó kù.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ni pé ohun tó wà nítòsí ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá ṣe jìnnà sí fótò gangan tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá àrà. Ẹ fún un ní ògiri gígùn lófìfo, ó lè gbé fèrèsé wá, ó tiẹ̀ lè gbé èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò pè sóde ìnáwó wá.

Ọmọ-Ìtẹ̀wé
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fo ohun kan. Kí Olóòtú kọ́kọ́ wọ Image Size kó sọ fáìlì náà di píksẹ́lì 300 fún ínṣì kan, kó tó fa ohunkóhun. Àwọn tó ń mú 72 wá sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwọn kan náà ló máa ń padà wá jà pé ẹ̀gbẹ́ báńà àwọn rí bàìbàì.

Alága-Píksẹ́lì
Bàìbàì yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe 72 ló fà á.

Nígbà tí irinṣẹ́ yìí jáde ní 2023, ohun tó ń ṣe jáde lẹ́ẹ̀kan kì í ju 1024 sí 1024 lọ. Bí ibi tí ẹ yàn bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló máa ń na ìwọ̀nba tó ṣe títí á fi kún ibẹ̀. Ibi tí a fẹ́ fi kún yìí jẹ́ 1008 ní ìbú, ó dára. Àmọ́ òró rẹ̀ jẹ́ 3024, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́ta. Aṣọ tí kò tó, tí wọ́n fi tipátipá nà, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe máa rí.

Tó bá wá sọ fáìlì di 300 ní fíìtì 8, tó sì jẹ́ kí àmì wà nínú Resample, ìbú á di 28,800. Àyè tó yẹ kí ẹ̀rọ kún ti fẹ̀ sí i, ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ò pọ̀ sí i, nínà á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá sì yọ àmì Resample, píksẹ́lì kan ò kún un. Nọ́ńbà tó wà lójú ìwé nìkan ló yí padà. Bó bá parí iṣẹ́ ní 6048 fún ínṣì 96, píksẹ́lì 63 ló bọ́ sí ínṣì kan. Báńà tí wọ́n ń wò láti òdìkejì títì, ìyẹn tó o.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti na: ẹ sún un dé 100%, kí ẹ gbé ojú ìránpọ̀ sí àárín ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ògiri lápá ọ̀tún, ẹ máa rí yanrìn wẹ́wẹ́ tí kámẹ́rà fóònù máa ń fi sílẹ̀. Ẹ wá wo apá òsì. Tó bá ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á, ó ti na nìyẹn.

Ọmọ-Ìtẹ̀wé
Ó yé mi. Ṣùgbọ́n kó má gbé 63 wá fún èyí tí wọ́n máa gbé kọ́ sẹ́yìn àga màmá nínú họ́ọ̀lù o. Ìyẹn, ojú ń sún mọ́ ọn, fótò ni wọ́n sì máa ń dúró yà níwájú rẹ̀.

Alẹ̀-Aṣọ
Bó bá jẹ́ ti inú họ́ọ̀lù, kó má lo Crop rárá. Kó fẹ àyè náà pẹ̀lú Canvas Size, kó mú Rectangular Marquee, kó máa yan 1000 sí 1000, kí 100 nínú rẹ̀ gun orí fótò àtijọ́, kó wá lo Generative Fill, èyí tó ń kún ibi tí èèyàn bá yàn. Bí ìyàn rẹ̀ ò bá gun orí àtijọ́, ìlà funfun tín-ín-rín lè yọ lójú ìránpọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí ilẹ̀ ló ní ìlà. Ògiri ò ní wàhálà.

Alága-Píksẹ́lì
Ẹ bá wa kà á ná. 1000 tí 100 gun àtijọ́ ń mú 900 tuntun wá. 2016 ní ìbú, ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. 3024 lóròó, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Méjìlá ni àpapọ̀, kirẹ́díìtì ń lọ, dátà náà ń lọ, torí orí ẹ̀rọ Adobe ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà yín. Ibi tó tún wá burú sí ni pé ègé méjìlá ò ní gbà lórí àwọ̀ kan. Ògiri mílíìkì á di pátákó ayò.

Ohun tí mo rò ni kó fa ńlá náà lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe sọ, kó lè ní ògiri kan ṣoṣo àti ilẹ̀ kan ṣoṣo. Kó tẹ Enhance Detail, èyí tó ń mú kí ohun tí ẹ̀rọ ṣe túbọ̀ mọ́ kedere, lórí èyí tó bá yàn, bí ẹ̀dà Photoshop tirẹ̀ bá ní in. Ibi tí ojú èèyàn máa bà lé nìkan ni kó wá fi 1000 sí 1000 tún ṣe, bí ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri.

Alẹ̀-Aṣọ
Fún ògiri, mo gbà. Íńtálọ́kì, mi ò gbà. Bí èyí tó na bá ti gbé ìlà gba ibi tí kò yẹ, àtúnṣe kékeré ò lè dá a padà, torí ìlà tó wọ́ yẹn náà ni ẹ̀rọ máa máa wò kọ́.

Kámẹ́rà-Ńlá
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un, nítorí àwọn tó ń gba fótò lọ́wọ́ àwa tó ń lo kámẹ́rà. Bí a bá ya fótò pẹ̀lú lẹ́ńsì 50 ní f/1.8, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ ò ní rí i tó bá wà létí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fi nǹkan kún ẹ̀gbẹ́, etí ti di àárín. Ọ̀já dúdú kan á wá dúró gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ Filter, ẹ mú Lens Correction, ẹ lọ sí Custom, kí ẹ fa Vignette Amount sápá ọ̀tún títí igun á fi mọ́ tó àárín. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó fà á. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ti yanrìn tí Alága sọ, ẹ ṣí léyà tuntun sórí èyí tí ẹ̀rọ ṣe, ẹ kún un pẹ̀lú 50% Gray, ẹ sọ ọ́ di Overlay, kí ẹ wá fi Add Noise sí i: 2% tàbí 3%, Gaussian, Monochromatic. Ẹ so ó mọ́ léyà ìsàlẹ̀ kó má bàa dé ojú màmá.

Ìyá-Sítúdíò
Ẹ kú ọgbọ́n o. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ti ìṣirò. Tèmi ni fótò páásípọ́ọ̀tù baba olóògbé kan, àtijọ́ ni, wọ́n ti gé èjìká méjèèjì. Àwọn ọmọ fẹ́ kó fẹ̀ dé báńà ìsìnkú. Mo fà á, ó gbé èjìká wá, ó gbé agbádá wá pàápàá. Ọwọ́ kan ló wá ní ìka mẹ́fà.

Alẹ̀-Aṣọ
Màmá, ọ̀tọ̀ ni ti ògiri, ọ̀tọ̀ ni ti ara èèyàn. Ògiri tó dá sílẹ̀ ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Iṣẹ́ ọ̀nà ọrùn agbádá yẹn, bàbá ò wọ irú rẹ̀ rí. Ẹ gé fótò náà sínú férémù róbótó, kí ẹ wá na ohun tó wà lẹ́yìn férémù bó bá ṣe wù yín.

Ìyá-Sítúdíò
Àwọn ọmọ ló ní àwọn fẹ́ èjìká.

Kámẹ́rà-Ńlá
Tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ló rán an, kò burú lójú tèmi. Kí ẹ ṣáà gé e kó tó dé ọwọ́. Àyà ni kó parí sí.

Alẹ̀-Aṣọ
Èmi ṣì ń ṣiyèméjì.

Ọmọ-Ìtẹ̀wé
Olóòtú, ẹ rántí etí tí a máa ń ṣẹ́ pọ̀ kí a tó lu ihò okùn. Ẹ fi ínṣì 2 sílẹ̀ yíká tí kò ní lẹ́tà. Ní 63 yín yẹn, 126 nìyẹn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Olóòtú-Báńà
Ẹ ṣeun gan-an. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì sósì. Ògiri dára. Íńtálọ́kì náà lọ tààrà nínú èyí kejì nínú mẹ́ta. Ìlà kan wọ́ nínú 1008 ìkẹyìn, àmọ́ àkọlé á bò ó. Ohun kan ló ń dà mí láàmú: ó gbé ìkòkò òdòdó kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n òjìji màmá bọ́ sọ́tùn-ún, ti ìkòkò bọ́ sósì.

Alága-Píksẹ́lì
Oòrùn méjì ò lè ràn nínú àgbàlá kan. Ẹ fi Lasso yí ìkòkò náà ká tòun ti òjìji rẹ̀, kí ẹ fi bí 50 fẹ̀ jù ú lọ, kí ẹ tẹ Generate láìkọ nǹkan kan. Bó bá tún gbé ìkòkò mìíràn wá, òjìji lẹ fi sílẹ̀ níta. Ẹ fẹ ìlà yín sí i kó wọlé.

Olóòtú-Báńà
Òjìji ni lóòótọ́. Ó ti lọ.