Báwo ni mo ṣe lè fi ajá wa ṣe àwòrán ẹ̀fẹ̀ láìpàdánù àmì ara rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Mo fẹ́ sọ fọ́tò ajá wa di àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí a ó máa tẹ̀ sára ọ̀rá búrẹ́dì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tà. Funfun ni ajá náà, ṣùgbọ́n àmì dúdú kan yí ojú òsì rẹ̀ ká títí dé ìdí etí, àmì yìí gan-an ni àwọn oníbàárà fi ń dá a mọ̀.

Nínú Inkscape, mo kọ́kọ́ lo `Trace Bitmap`, ṣùgbọ́n òjìji abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ di àmì dúdú mìíràn, etí àmì gidi sì fọ́ wẹ́wẹ́. Nítorí náà, mo fi fọ́tò náà sí ìpele ìsàlẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ tọ àmì náà lórí ìpele tirẹ̀. Ìṣòro tó kù ni pé bí mo bá sọ ojú di ńlá gẹ́gẹ́ bí àwòrán ẹ̀fẹ̀ ṣe máa ń rí, dúdú ẹyinjú a dà pọ̀ mọ́ dúdú àmì, tí a bá sì tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ojú òsì a pòórá pátápátá. Ṣé kí n fi ìlà funfun yí ojú náà ká, àbí kí n sọ àmì di àwọ̀ eérú? Èkejì kò wù mí, nítorí kò ní jọ ajá wa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ́ èyí tó kọjú sí apá kejì. Bí mo bá kàn yí àwòrán padà bí inú dígí, àmì a bọ́ sí ojú ọ̀tún. Ṣé ẹ máa ń ya irú èyí lọ́tọ̀ ni?