"Owó-orí-èsì" kọ́, ẹ jọ̀ọ́

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Ẹ̀yin àgbà, ẹ káàárọ̀ o. Mo pín náírà 18,000 dọ́gba sórí fídíò kúkúrú mẹ́ta tí mo fi ń polówó aṣọ òkè lórí Fesibúùkù. Èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé "Cost per result" ni mo ń pè ní "owó-orí-èsì". Ṣé ó dáa? Fídíò wo ni kí n sì máa náwó lé? Èèyàn 12 ló kọ̀wé sí mi látorí fídíò kìíní, 4 látorí ìkejì, 3 látorí ìkẹta.

Olùkọ́ Àgbà: Owó-orí kẹ̀! Owó-orí tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà tìtorí ẹ̀ gbéjà ko ìjọba ní 1968? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ kàn ń so ọ̀rọ̀ mọ́ra ni. "Iye-owó-èsì-kan" ni. "Kan" yẹn ló gbé ìtumọ̀ dání, ẹ má yọ ọ́.

Alájàpá: Ọ̀rọ̀ ò pọ̀. 6,000 ló bọ́ sórí fídíò kọ̀ọ̀kan, ẹni kan tó kọ̀wé wá ń gbé 500 lórí ìkíní, 1,500 lórí ìkejì, 2,000 lórí ìkẹta. Èyí tó pọ́ọ́kú ni kó dì mú, kó pa ìyókù.

Ìyá Aláǹkárá: Tèmi ò tiẹ̀ rí ẹni kọ̀wé o, wọ́n kàn ń wòran lọ ni, owó sì tán.

Akígbe-Ọjà: Ìyá wa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ wíwò lẹ mú nígbà tẹ́ ẹ ń ṣètò ẹ̀, ohun téèyàn bá mú níbẹ̀ náà ni wọ́n máa ń kà sí èsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní "èsì" gan-an ló yẹ ká bá jà, kì í ṣe "kan". Ọmọ Ìṣẹ́yìn, àwọn wo ló rà nínú wọn?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Ẹnì kan látorí ìkíní, mẹ́ta látorí ìkejì. Ìkẹta ò ní. Ìkejì ni mo ti dárúkọ iye aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Akígbe-Ọjà: Ẹ ò rí i? Oníbàárà kan gbé 6,000 lórí ìkíní, 2,000 péré lórí ìkejì. Iye tó o dá yẹn ti lé àwọn tó kàn fẹ́ bi "eélòó ni" padà. Ṣùgbọ́n má tíì pa ìkíní, torí bí ẹnì kan péré bá tún rà, ó di 3,000 nìyẹn, aṣọ òkè sì rèé, ẹlòmíì ń dúró de ọjọ́ ìnáwó ni. Bi wọ́n léèrè ọjọ́ ẹ̀. Ìkejì àti ìkẹta náà, èèyàn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn tó bá jẹ́ ti ká kọ̀wé, nítorí náà 1,500 àti 2,000 yẹn ò tíì sọ nǹkan kan.

Alájàpá: Kó kúkú da owó pọ̀ sójú kan, kí Fesibúùkù fúnra ẹ̀ pín in.

Akígbe-Ọjà: Kíákíá ló máa rọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ sórí fídíò kan, àwọn yòókù ò ní jẹun yó, o ò sì ní lè fi wọ́n wéra. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní "Ad set" tiẹ̀, ìyẹn ibi téèyàn ti ń ya owó àti àwọn tó máa rí ìpolówó sọ́tọ̀, 1,000 lójúmọ́ fọ́jọ́ mẹ́fà, ìlú kan náà, irú èèyàn kan náà.

Alájàpá: Owó-orí náà ṣáà wà ńbẹ̀ o, Olùkọ́. Ìjọba ń gba VAT lórí ìpolówó yẹn, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Olùkọ́ Àgbà: VAT kì í ṣe owó-orí! Orí ta ni wọ́n kà?