Aṣọ ara ògiri gbọ̀ngàn ìjọ wa: báwo ni ká ṣe pín owó rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìkórè ìjọ wa ní Yábà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni mò ń darí àwọn tó máa ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́. Ògiri iwájú fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ó ga ní 12. Aṣọ Balógun tá a rí fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Kó tó lè ṣẹ́po dáadáa, ìlọ́po méjì ìbú ògiri la nílò: ẹyọ 16, yáàdì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan, yáàdì 64 lápapọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á gun àkàbà lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàlúùnù di alẹ́ Sátidé, torí ooru.

Owó ni wàhálà. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá iye kan náà, bẹ́ẹ̀ akọrin ò ju mẹ́jọ lọ! Ṣé ká pín in lórí iye ènìyàn ni, àbí ká kúkú yá aṣọ?