Ikọ́ òru àti àyà tó ń súfèé: ṣé ásímà ni, àbí òtútù nọ́sìrì tó ń tún un mú?

Ìyá Tómisìn (Líìsì)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 4. Láti ìgbà tó ti padà sí nọ́sìrì ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ikọ́ ò jẹ́ ká sinmi. Imú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣàn, tó bá di ọjọ́ kejì àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, á wá máa wúkọ́ láti nǹkan bí aago méjì òru títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ti fún un ní amọksisílìn lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà kan ní fáírọ́ọ̀sì ni. Òmíràn fún wa ní ínhélà bulúù, ó ní ká máa lò ó nígbà tó bá ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ásímà ni, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé kì í ṣe ásímà. Bàbá rẹ̀ máa ń sín ṣáá nígbà tí òdòdó bá ń tanná, Tómisìn náà sì ní èkísímà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn?

Bọ̀dá Lánre (Mánṣẹ́sítà)
Òtútù ni, ìyàwó wa. Ẹ tan hítà mọ́jú, ẹ ti fèrèsé pa, ẹ fi róòbù pa á láyà àti àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo ọmọ nọ́sìrì ló ń ṣe é. Tó bá fi máa pé ọdún 6, á ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ínhélà búráùn lọ́wọ́ wọn o. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ni, kì í jẹ́ kí ọmọ ga.

Àǹtí Bísọ́lá (nọ́ọ̀sì ọmọdé, Bámíńgámù)
Ẹ̀gbọ́n Lánre, òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ. Ọmọ nọ́sìrì lè mú òtútù tó 8 sí 12 láàárín ọdún kan, ikọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè tó ọ̀sẹ̀ 3 kó tó tán. Ìyẹn ló fi ń dà bíi pé ikọ́ kan ṣoṣo ló gùn láti Ọkítóbà dé Máàṣì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àyà wọn ń súfèé kìkì nígbà òtútù ló sì máa ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà.

Àmọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sọ pé kì í ṣe ásímà. Òtútù gan-an ló sábà máa ń ru ásímà ọmọdé sókè, ìdí nìyẹn tí wọ́ọ̀dù wa fi máa ń kún ní Sẹ̀tẹ́ńbà lẹ́yìn tí ilé ìwé bá wọlé. Nítorí náà, Ìyá Tómisìn, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe máa ń rí ní ọ̀sẹ̀ tí òtútù kankan ò mú un. Tó bá sáré, tó rẹ́rìn-ín gan-an, tó sunkún, tàbí tó jáde sínú atẹ́gùn tútù, ṣé á wúkọ́? Ṣé ó ń jí lóru nígbà tí imú rẹ̀ gbẹ?

Ẹ sì fetí sí ìró yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ ìfé ni, tó ń jáde nígbà tó bá ń mí síta, ọ̀tọ̀ ni. Tó bá jẹ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń hó lọ́nà ọ̀fun, tó sì lọ lẹ́yìn tó wúkọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Àwa òbí máa ń pe méjèèjì ní ohun kan. Ẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lóru, ẹ fi fóònù gba fídíò àyà rẹ̀ àti ìró náà. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárọ̀, ọmọ á ti máa ṣeré, kò ní sí nǹkan kan tí wọ́n á gbọ́.

Ìyá Tómisìn
Ìfé ni, Àǹtí. Ó ń jáde nígbà tó bá ń mí síta, bíi ti féèrè tí wọ́n fọn lọ́nà jíjìn. Tó bá ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì, á wúkọ́ títí á fi jókòó, kódà láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ tí ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ínhélà bulúù yẹn ò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó la ẹnu, mo fín in sí i.

Àǹtí Bísọ́lá
Ẹ̀yìn ọ̀fun rẹ̀ ni oògùn yẹn lẹ̀ mọ́, kò dé àyà. Wọn ì bá ti fún yín ní sípésà pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ike oníhò tí wọ́n ń ki ínhélà bọ̀ kí ọmọ lè mí oògùn náà wọlé, ẹ lọ béèrè. Ọmọ ọdún 4 lè lo èyí tó ní ẹnu tí kò bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò jáde. Tí kò bá lè ṣe é, kó lo èyí tó ní ìbòjú. Ẹ mi ínhélà jìgìjìgì, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó mí wọlé mí síta lẹ́ẹ̀marùn-ún jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún un mì kẹ́ ẹ tó fín èkejì. Ẹ má fín méjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fọ sípésà, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwọ́-àwo ni, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi aṣọ nù ún, oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20. Tí ìfé yẹn bá rọlẹ̀, tó sùn padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ìyẹn wúlò fún dókítà ju kẹ́ ẹ kàn sọ pé ó ń wúkọ́ lọ.

Màmá Ìbejì (Hósítọ̀nù)
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tètè sọ ọ́ ní ásímà o. Taye tèmi wúkọ́ fún oṣù méjì, wọ́n fún un ní ínhélà, kò gbọ́. Dókítà mìíràn ló gbé àyà rẹ̀ yẹ̀ wò, ó ní bakitéríà ló jókòó sí ọ̀nà èémí rẹ̀. Àǹtíbáyótíìkì ọlọ́sẹ̀ méjì ló lé e lọ. Ẹ ní kí wọ́n fún yín nírú ẹ̀.

Àǹtí Bísọ́lá
Màmá Ìbejì, ṣé ikọ́ Taye rin, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀, tọ̀sán-tòru, tí àyà rẹ̀ ò sì súfèé?

Màmá Ìbejì
Bẹ́ẹ̀ ni. Ó rin gan-an. Àárọ̀ ló burú jù.

Àǹtí Bísọ́lá
Ó bá a mu nígbà náà. Ikọ́ tó rin, tó ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ láìdáwọ́ dúró, ó yẹ kí dókítà ronú sí bakitéríà yẹn. Ikọ́ Tómisìn gbẹ, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìfé sì wà níbẹ̀. Amọksisílìn lẹ́ẹ̀mẹta ò yí i padà nítorí kò sí bakitéríà tó máa pa. Ó dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ nígbà míì ni, torí òtútù ti fẹ́ tán tẹ́lẹ̀.

Àwọn míì wà tí imú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ á máa han-anrun, á máa fi ẹnu mí, ikun imú á máa dà sí ọ̀fun rẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀, á wá wúkọ́. Ikọ́ òru nìkan, láìsí ìfé, láìsí pé eré ń ru ú sókè, kì í sábà jẹ́ ásímà.

Dúpẹ́ (Dọ́blììnì)
Tèmi náà ń súfèé. Oṣù 5 ni. Ṣé kí n lọ ra ínhélà bulúù, kí n sì fi oyin díẹ̀ sí i?

Àǹtí Bísọ́lá
Rárá, Dúpẹ́. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá, kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí ara ọmọ ọwọ́ rọ. Ìfé ọmọ oṣù 5 yàtọ̀ sí èyí tá à ń sọ, ínhélà bulúù kì í sábà ràn án lọ́wọ́. Tí kò bá mu wàrà tó ìdajì èyí tó ń mu tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ lónìí.

Bàbá Fárùq (Lọ́ńdọ̀nù)
Ọmọ tèmi jẹ́ SS. Ikọ́ àti ibà mú un láti àná, ó ní àyà ń dun òun. Mo ti ń lo ínhélà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un.

Àǹtí Bísọ́lá
Bàbá Fárùq, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn báyìí. Ikọ́, ibà àti àyà dídùn lára ọmọ SS, wọn kì í dúró wò ó nílé. Ẹ sọ pé SS ni lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Tómisìn
Ọlọ́run á bá wa wo Fárùq o. Àǹtí, wọ́n ní kí n ra ohun èlò àyẹ̀wò àléjì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irun orí ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo sì ti yọ ẹyin àti wàrà kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Nǹkan dúdú kan tún ń hù lára ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Àǹtí Bísọ́lá
Ẹ fowó yín pamọ́, irun ò lè sọ àléjì. Ẹ dá ẹyin àti wàrà padà. Àléjì oúnjẹ kì í sábà fi ikọ́ nìkan hàn, ara á wú, awọ á yún, tàbí kó bì. Àyẹ̀wò gidi ni kí wọ́n gún awọ ọwọ́ díẹ̀, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún kòkòrò inú eruku bẹ́ẹ̀dì. Bó bá sì jáde, ó sọ pé ó ní àléjì, kò tíì sọ pé ó ní ásímà. Èkísímà rẹ̀ àti sísín bàbá rẹ̀ náà ti ń tọ́ka sí àléjì tẹ́lẹ̀. Ògiri dúdú yẹn ló ká mi lára jù.

Bọ̀dá Lánre
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níbí, torí àtúnṣe ilé ni iṣẹ́ mi. Tó bá jẹ́ ilé káńsù tàbí ti ẹgbẹ́ onílé ìrọ̀rùn ni, òfin Awaab ti wà ní Íńgílándì láti ọjọ́ 27 Ọkítóbà 2025. Awaab Ishak ni ọmọ ọdún 2 tó kú ní Rọ́ṣídéèlì ní 2020 nítorí irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ sọ pé ọmọ tí àyà ń yọ lẹ́nu ló ń sùn níbẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n ní láti wá yẹ̀ ẹ́ wò tó bá jẹ́ ewu pàtàkì, wákàtí 24 tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Onílé aládàáni ò tíì wọ inú òfin yẹn. Mo sì fa ọ̀rọ̀ fèrèsé tí mo sọ sẹ́yìn, ẹ máa ṣí i díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri.

Àǹtí Bísọ́lá
Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ìyá Tómisìn, ohun tẹ́ ẹ máa béèrè nìyí. Lọ́jọ́ orí rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọn atẹ́gùn sí kì í sábà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu kò. Wọ́n lè fún un ní ínhélà búráùn tí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ kéré, láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú sípésà, fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá a dúró, wọ́n á sì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù 3. Tí ikọ́ bá lọ nígbà tó ń lò ó, tó tún padà lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, ásímà ló ń tọ́ka sí. Tí kò bá yí padà rárá bó tilẹ̀ ń lò ó dáadáa, wọ́n gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn. Kó fọ eyín tàbí kó fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Bọ̀dá Lánre
Gíga ńkọ́? Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Àǹtí Bísọ́lá
Ó lè dín gíga kù díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 fún àwọn tó lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo èyí tó kéré jù tó bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń wọn ọmọ. Bí ó bá tọ́ sí Tómisìn, ìyá rẹ̀ àti dókítà rẹ̀ ló máa pinnu, kì í ṣe èmi.

Bọ̀dá Lánre
Sẹ̀ǹtímítà 1 náà ṣì ń kọ mí lóminú.

Ìyá Tómisìn
Tó bá wá le lóru kí n tó rí dókítà ńkọ́?

Àǹtí Bísọ́lá
Ẹ jókòó rẹ̀ sókè, ẹ máa fín bulúù lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, ó lè tó ìfín 10. Tí kò bá rọlẹ̀, tí awọ abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé, tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀ já gaara, ẹ pe 999. Tó bá rọlẹ̀ àmọ́ tó tún nílò rẹ̀ kí wákàtí 4 tó pé, ẹ gba ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ètè, ahọ́n àti èrìgì ni kẹ́ ẹ wò fún àyípadà àwọ̀, nítorí ara dúdú kì í tètè fi hàn. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun kékeré tí wọ́n ń fi há ìka nìkan, ó máa ń ka ọ́síjìn awọ dúdú ju bó ṣe wà gan-an lọ.